Àmújáde kì í ṣe àyọrísí

Ìbéèrè: "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kí n ṣe àtẹ lọ́gífíréèmù sí ìwé tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ fi béèrè owó ìrànwọ́. Ẹni tó ń kọ́ mi ní ọ̀kan náà ni àmújáde àti àyọrísí, pé èkejì kàn tóbi ju àkọ́kọ́ lọ ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Atọ́ka ńkọ́, ibo ló ti wọlé?"

Bẹ́ẹ̀ kọ́ o, àbúrò mi. Inú bí mi nígbà tí mo kà á, nítorí ìgbà kẹta rèé lọ́dún yìí tí mo ń gbọ́ àlàyé yẹn, àwọn tó sì ń ṣe é ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké láti kọ́ wọn. Àtẹ tí o ń sọ yìí ń to iṣẹ́ ní ìpele-ìpele láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: ohun-èlò, iṣẹ́, àmújáde, lẹ́yìn náà àyọrísí. Àyọrísí kì í ṣe àmújáde tó sanra. O lè kó àmújáde jọ títí yóò fi kún ilé, kò ní di àyọrísí bí ẹlòmíràn kò bá mú un lò.

Gbọ́ àwọn ọ̀rọ̀ náà fúnra wọn ná. "Mú jáde": ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà tó mú un. Bí o bá ní "a mú un jáde," ọwọ́ rẹ ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà, a sì lè bi ọ́ pé ohun tí o mú jáde dà. "Yọrí sí" kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé "mo yọrí ìjà náà sí àlàáfíà." Ìjà náà ló ń yọrí sí àlàáfíà, lẹ́yìn tí oníkálukú ti dá sí i. Èdè wa ti ya ohun tó wà lọ́wọ́ wa sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ohun tí àtẹ yìí sì ń bi ọ́ gan-an nìyẹn. Ó ń dùn mí pé a ti sọ gbogbo rẹ̀ di "àbájáde" lónìí, bí ẹni pé a ò ní ọ̀rọ̀ méjì.

Èmi kọ́ ni mo dá èyí rò. Ní ọdún 1969 ni wọ́n ṣe àtẹ náà fún USAID, tó jẹ́ àjọ ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè ti ìjọba Amẹ́ríkà nígbà náà, Leon Rosenberg sì wà lára àwọn tó ṣe é. Ọ̀kan nínú ìṣòro tí wọ́n bá níbẹ̀ ni pé kò hàn kedere ohun tó wà lọ́rùn ọ̀gá iṣẹ́ àti ohun tí kò sí lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀rù ń ba àwọn ọ̀gá láti gba ẹjọ́ ohun tí agbára wọn kò ká, nítorí náà ayẹ̀wò ti di ìjà. Àtẹ náà fa ìlà sáàárín: àmújáde ni kí o jẹ́jọ́ rẹ̀, àyọrísí ni ìdí tí o fi ṣe é, kí o sì fi hàn wá ìdí tí o fi gbà pé yóò ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá sọ méjèèjì di ọ̀kan ti pa ìlà náà rẹ́.

Jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan. Ẹgbẹ́ kan fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì kejì ní ilé ẹ̀kọ́ ogún lè ka ìwé kí ó sì yé wọn. Ohun-èlò wọn ni owó, olùdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta àti ọkọ̀ kan. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn, nítorí kì í sábà rú ẹnikẹ́ni lójú. Iṣẹ́ wọn ni láti kọ́ olùkọ́ 60 ní ọ̀nà tuntun fún ọjọ́ márùn-ún, kí wọ́n tẹ ìwé 3,000, kí wọ́n sì máa bẹ olùkọ́ wò nínú kíláàsì. Àmújáde rẹ̀ ni olùkọ́ 60 tó mọ ọ̀nà náà í lò, àti ìwé 3,000 tó ti dé ilé ẹ̀kọ́. Gbogbo ìyẹn ẹgbẹ́ náà lè ṣe fúnra wọn. Ṣùgbọ́n pé kí olùkọ́ padà sí kíláàsì kó sì lo ọ̀nà náà ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò wò ó, kí ọmọ sì ka ìwé náà kó yé e, ọwọ́ olùkọ́ àti ọmọ ni ìyẹn wà. Àyọrísí nìyẹn.

Ọ̀nà kan wà tí mo fi máa ń tètè mọ àtẹ tí wọ́n dà rú. Mo máa ń wá ọ̀rọ̀ náà "nípasẹ̀." Bí mo bá rí i nínú àpótí kan pé "àwọn ọmọ yóò mọ ìwé kà nípasẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́," mo ti mọ̀ pé ìpele méjì ni wọ́n rọ́ mọ́ ibì kan. Ohun tó wà ṣáájú "nípasẹ̀" ni àyọrísí, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tàbí àmújáde, kí ó sọ̀kalẹ̀ sí àpótí tirẹ̀.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, a kì í fi àtẹ ránṣẹ́ láìkà á sókè. Ìsàlẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó máa gun òkè: "Bí a bá ṣe iṣẹ́ yìí, tí ohun tí a gbójú lé bá sì rí bẹ́ẹ̀, àmújáde yìí yóò wà. Bí àmújáde yìí bá wà, tí ohun tí a gbójú lé bá sì rí bẹ́ẹ̀, àyọrísí yìí yóò tẹ̀lé e." Etí ń mú ohun tí ojú fò. Lónìí, àtẹ ti ọdún tó kọjá ni wọ́n ń ṣí, wọ́n á pa orúkọ rẹ́, wọ́n á kọ òmíràn, wọ́n á sì máa kún àpótí láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún bí ẹni ń kún fọ́ọ̀mù. Bí wọ́n bá fi dé ìlà kẹrin tó dúró lápá ọ̀tún, ìlà ohun tí a gbójú lé, ó ti rẹ̀ wọ́n, wọ́n á kọ "àlàáfíà yóò wà," wọ́n á sì tì í.

Ìlà kẹrin yẹn ni ọkàn àtẹ náà. Mo rí i fúnra mi nínú iṣẹ́ kan tó jọ èyí tí mo sọ yìí. A ti kọ́ gbogbo olùkọ́ tí a sọ pé a ó kọ́. Ìwé ti dé, a ní ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti gbà á, tí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí. Àmújáde pé pérépéré. Nígbà tí a wọ kíláàsì, kò sí ìwé kan lọ́wọ́ ọmọ kankan. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n wà, nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì wọ́n, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Kì í ṣe pé ọ̀gá náà burú. Bí ọmọ bá ya ìwé, òun ni wọn yóò ní kó san án, ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí i rí. A ti gbójú lé e pé wọn yóò kó ìwé fún ọmọ, a ò sì kọ ọ́ síbi kankan, nítorí náà kò sẹ́ni tó bi wá léèrè.

Ká ní a kọ ọ́ ni, ìbéèrè mẹ́ta péré là bá bi í. Ṣé ó ṣe pàtàkì? Bẹ́ẹ̀ ni, láìsí i kò sí àyọrísí. Ṣé ó dájú pé yóò rí bẹ́ẹ̀? Rárá. Ṣé a lè ṣe nǹkan sí i? A lè ṣe é: kí a bá àwọn tó ni ilé ẹ̀kọ́ ṣe àdéhùn pé ìwé tó ya kò sí lọ́rùn ọ̀gá, kí a sì fi ìwé àfikún díẹ̀ sílẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni ohun tí a gbójú lé yóò kúrò ní ìlà kẹrin, tí yóò sọ̀kalẹ̀ di iṣẹ́ tí a ó ṣe, tí a ó sì náwó lé. Àyọrísí wa ì bá là á já. Bí ó bá jẹ́ ohun tó ṣe pàtàkì, tí kò dájú, tí agbára wa kò sì ká a, ńṣe là bá tún iṣẹ́ náà gbé kalẹ̀ tàbí kí a fi í sílẹ̀ kí owó tó jáde.

Ó wá ku atọ́ka tí o béèrè. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún ebù, tó ní igba lòun gbìn, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu tán, ọgọ́rùn-ún irọ́ ni yóò jẹ. Gbogbo ènìyàn ló ń fi òwe yìí bá òpùrọ́ wí, wọn ò sì tẹ́tí sí bí ó ṣe kà á. Ìgbà méjì ló kà: ó ka ebù lọ́jọ́ ìgbìn, ó ka iṣu lọ́jọ́ wíwà. Orí ebù ni wọ́n ti purọ́, nítorí ebù ti wọlẹ̀, kò sẹ́ni tó ń hú u wò. Orí iṣu ni àṣírí ti tú. Atọ́ka nìyẹn. Ìpele kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ohun tirẹ̀ tí a ó kà, a ò sì gbọ́dọ̀ ka ebù lẹ́ẹ̀mejì ká pe ìkejì ní iṣu. Ohun tí mo ń rí nínú ọ̀pọ̀ àtẹ sì nìyẹn: atọ́ka àmújáde wọn ni "iye olùkọ́ tí a kọ́," atọ́ka àyọrísí wọn ni "ìdá olùkọ́ tí a kọ́." Ebù kan náà ni.

Fún olùkọ́ wa 60, ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́jọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò tó. Ó ń sọ pé wọ́n jókòó síbẹ̀ ni. Kọ ọ́ báyìí: iye olùkọ́ tó dá kọ́ ẹ̀kọ́ kan ní ọ̀nà tuntun lójú olùwòye láìsí ìrànlọ́wọ́, kí oṣù kẹta tó parí. Ti àyọrísí: iye ọmọ kíláàsì kejì, nínú ọgọ́rùn-ún, tó ka àyọkà kúkúrú tó sì dáhùn ó kéré tán mẹ́ta nínú ìbéèrè márùn-ún. Kó o tó kọ iye tí o fẹ́ dé, lọ wọn ibi tí wọ́n wà báyìí. Bí ó bá jẹ́ 18 nínú 100 lo bá, o lè sọ pé kó di 40 nínú 100 ní ìparí ọdún kejì, olówó á sì mọ ohun tí o ń sọ. Bí o bá kọ 40 láìmọ ìbẹ̀rẹ̀, ó lè jẹ́ pé 38 ni wọ́n wà kí o tó dé.

Fi ìbéèrè yìí dán atọ́ka kọ̀ọ̀kan wò: ṣé ó lè pé kí ohun tí a ń wá má sì ṣẹlẹ̀? Ìwé tó dé ilé ẹ̀kọ́ lè pé 3,000 kó sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó dára gẹ́gẹ́ bí atọ́ka àmújáde. Má gbé e gun òkè.

Bí o bá ti yan atọ́ka, kọ ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ yóò ti wá sí ìlà kẹta, kí o kọ ẹni tí yóò gbà á àti ìgbà tí yóò gbà á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ "àbọ̀ iṣẹ́ wa" síbẹ̀, ìyẹn ni pé àwa ni a ó jẹ́rìí ara wa. Ìdánwò ìwé kíkà ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí ni kí o kọ, kí o sì rántí pé àwọn tó ń ṣe ìdánwò ń gbowó, wọ́n ń wọkọ̀, wọ́n ń lo bébà. Padà sí ìsàlẹ̀ àtẹ náà, níbi ohun-èlò, kí o wò ó bóyá owó ìdánwò méjèèjì wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, fi sí i báyìí kí o tó fi ìwé náà ránṣẹ́.