Ìpara oní-yúríà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà: ohun tó ṣe àti ohun tí kò ṣe

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, nọ́ọ̀sì. Ojúgun mi méjèèjì gbẹ, wọ́n máa ń funfun bí eérú, wọ́n sì ń yún mi lóru. Fasilíìnì ni mo ń lò. Wọ́n ní kí n lọ ra ìpara tó ní yúríà nínú, mo sì gbọ́ pé ẹ̀yin náà ti lò ó lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bò fún mi: báwo ló ṣe rí lára, báwo ló ṣe ń rùn, ṣé ó sì ṣiṣẹ́?

Ìdáhùn: Ó ṣiṣẹ́ lójúgun. Ní gìgísẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe dán an wò, torí ibẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ bóyá ẹ lè gbára lé ọ̀rọ̀ mi. Ẹsẹ̀ òsì nìkan ni mo ń fi ìpara náà pa; fasilíìnì ni mo ń fi pa ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ọṣẹ kan náà, omi kan náà, àkókò kan náà. Bí ojú ọjọ́ bá yí padà láàárín kan, ẹsẹ̀ méjèèjì ló máa kàn, kò sì ní sí pé mò ń yin ìpara fún iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà nídìí: awọ tó wà lókè máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí tuntun tó rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá dájọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, dídán ọ̀rá ló rí, kì í ṣe awọ.

Èyí tí mo lò ní yúríà ìdá 10 nínú 100, gilisirínì, ásíìdì láátíìkì díẹ̀ àti ọ̀rá. Wọn ò fi lọ́fínńdà sí i.

Ó ki, ó funfun, bí ẹ bá fi ìka bù ú, ó máa dúró lórí ìka láìṣàn. Ẹ máa rò pé ó máa ṣòroó fi para, àmọ́ bó bá ti kan ara tó ṣì tutù, ó máa ń tàn dáadáa. Níbẹ̀rẹ̀, ó máa ń fi ìlà funfun sílẹ̀ lórí awọ dúdú. Tí ẹ bá rọra ń fọwọ́ ra á, kò ní pẹ́ wọlé. Ohun tí mi ò fẹ́ràn ni pé lẹ́yìn tó bá ti wọ ara tán, ó ṣì máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Gilisirínì ló fà á. Ẹ má ṣe wọ ṣòkòtò lójú ẹsẹ̀. Fasilíìnì ní tiẹ̀ kì í lẹ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ orí awọ ló máa ń jókòó sí, ó sì máa ń ta sí aṣọ ìbùsùn. Tí ẹ bá lo ìpara yìí ju bó ṣe yẹ lọ, ó máa ń ká jọ ní wóróhoró lábẹ́ ọwọ́. Ìwọ̀n tó dáa ni kí ẹ fún un láti orí ìka ìlábẹ̀ dé oríkèé àkọ́kọ́: ìyẹn tó ìdajì gíráàmù, ó sì máa tó pa ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà méjì. Láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, nǹkan bíi mẹ́ta irú rẹ̀ ni ẹsẹ̀ kan máa gbà.

Ní ti òórùn, ọ̀rá lásán ló ń rùn, bí àbẹ́là tí wọn ò tíì tàn, kò sì pẹ́ tó fi ń lọ. Ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n kọ sára ike o. Kí wọ́n ní ìpara kan kì í rùn kò túmọ̀ sí pé kò sí lọ́fínńdà nínú rẹ̀. Nígbà míì, wọ́n á fi lọ́fínńdà díẹ̀ bo òórùn èròjà yòókù mọ́lẹ̀. Ẹni tí lọ́fínńdà máa ń bá ara rẹ̀ jà gbọ́dọ̀ wá èyí tí wọ́n kọ sí i pé wọn ò fi lọ́fínńdà kankan sí. Yúríà tún ní àléébù tiẹ̀. Bó ti ń bá omi gbé nínú ike, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń bàjẹ́ di amóníà, ooru sì máa ń mú kí ó yá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sábà fi ásíìdì láátíìkì sí i, kó lè dá a dúró. Bí tiyín bá bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ìtọ̀ tó pẹ́ nílẹ̀, ẹ dà á nù. Ibi tí oòrùn kì í dé ni mo gbé tèmi sí, òórùn rẹ̀ kò sì yí padà títí mo fi parí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ká wá bọ́ sórí iṣẹ́ tó ṣe. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ tí mo fi fasilíìnì pa ló dán jù, mi ò ní purọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, yíyún dín kù lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo tó rí ìyàtọ̀, nírọ̀lẹ́, kí n tó wẹ̀. Mo máa ń fi èékánná fa ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ lójúgun: ní ọ̀tún, ìlà funfun máa ń yọ kedere; ní òsì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má yọ mọ́. Mo tún lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ojúgun kọ̀ọ̀kan, mo ṣí i, mo sì gbé e lé pépà dúdú. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹfà pé, ti ọ̀tún ṣì kún fún èépá wẹ́wẹ́, ti òsì kò ní ju díẹ̀ lọ.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé fasilíìnì dà bí ìdérí ìkòkò: ó ń pa omi tó wà nísàlẹ̀ mọ́, kò lè bu omi sí i. Yúríà ní tiẹ̀ ń fa omi mọ́ra, ó sì ń tú awọ tó ti kú kí ó lè bọ́. Nítorí náà, ẹ má ju fasilíìnì yín nù. Bí ojú ọjọ́ bá gbẹ gan-an, ẹ kọ́kọ́ fi ìpara yìí pa á, kí ẹ wá fi fasilíìnì tín-ín-rín lé e lórí lóru.

Awọ gìgísẹ̀ ki jù fún ìdá 10. Èyí tó tó ìdá 20 sókè ló máa ń ràn án lọ́wọ́. Àwọn àpá dúdú tí mo ti họ tẹ́lẹ̀ wà bí wọ́n ṣe wà, mi ò sì retí ohun míì, torí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fá irun ẹsẹ̀, ó máa ń ta mí. Ẹ má fi sójú egbò tàbí ibi tó sán, ẹ sì jìnnà sí ojú. Nígbà tí mo dáwọ́ dúró, kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí eérú náà fi ń padà bọ̀ lẹ́sẹ̀ òsì, ìyẹn ni pé ẹ ò lè lò ó kí ẹ sì jáwọ́.

Ẹ kọ́kọ́ fi pa inú apá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbọ̀nwọ́, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ibẹ̀ bá pọ́n, tó wú, tàbí tó yọ èéwo wẹ́wẹ́, kò bá yín lára mu. Bó bá gbà á, ẹ máa fi pa ojúgun ní gbàrà tí ẹ bá wẹ̀ tán: ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì tẹ omi kúrò láìnù ún gbẹ, kí ẹ sì fi ìpara náà pa á kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó kọjá.

Bí ẹsẹ̀ yín kò bá funfun mọ́, àmọ́ tó ṣì ń yún yín lóru lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tàbí tí yíyún náà bá ń tàn ká gbogbo ara láìsí nǹkan tó yọ síta, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín tó ń ṣàìsàn lè fa irú yíyún bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá gbà lára yín láti yẹ̀ wò ló sì máa fi í hàn.