Fírémù fún ojú róbótó tí lẹ́ńsì rẹ̀ nípọn

“Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, ojú mi rí róbótó, nọ́ḿbà awò mi sì jẹ́ -5.00. Wọ́n ní kí n ra fírémù ńlá onígun mẹ́rin, ṣùgbọ́n gbogbo èyí tí mo rà ni kò bá mi mu. Kóòtù àti ṣẹ́ẹ̀tì ni mo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Irú èwo ni kí n rà, irú èwo sì ni fún oòrùn?”

Ojú tèmi náà rí róbótó, -5.50 ni nọ́ḿbà mi, mo sì ti ra fírémù mẹ́ta tí n kò lè lò kí n tó mọ ibi tí àṣìṣe mi wà. Òótọ́ ni pé fírémù tó ní igun máa ń fún ojú róbótó ní ìlà tí kò ní. “Ńlá” tí wọ́n fi kún un ni kò bá irú wa mu. Lẹ́ńsì ẹni tí kò ríran jìnnà máa ń fẹ́lẹ́ láàárín, ó sì ń nípọn bí ó ti ń lọ sí etí. Ó tún máa ń sọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ di kékeré, nítorí náà bí fírémù bá tóbi jù, ẹni tó ń wò yín yóò rí ẹ̀gbẹ́ ojú yín nínú lẹ́ńsì bí ẹni pé wọ́n gé e wọnú. Inú àwòrán tí a yà níbi iṣẹ́ ni mo ti kọ́kọ́ rí i, mo sì rò pé ẹni tó yà á ni kò mọ̀ ọ́n yà.

Ẹ wo inú apá fírémù, ẹ ó rí nọ́ḿbà mẹ́ta níbẹ̀. Èyí tó bà mí nínú jẹ́ jẹ́ 54□18-140: fífẹ̀ lẹ́ńsì kan, àlàfo orí imú, àti gígùn apá, mìlímítà ni gbogbo wọn. 54 àti 18 jẹ́ 72. Àlàfo tó wà láàárín ọmọlójú mi méjèèjì jẹ́ 62, èyí tí ẹni tó yẹ ojú mi wò wọ̀n fún mi. Mìlímítà 10 ni ìyàtọ̀ wọn, nítorí náà wọ́n ní láti sún àárín lẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan wọ ìhà imú ní 5, gbogbo nínípọn rẹ̀ sì kó sí ìhà etí. Èyí tí mo ń lò báyìí jẹ́ 48□20, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 68, ìyẹn ni pé 3 péré ni wọ́n sún un. Lẹ́ńsì tí wọ́n ń pè ní 1.67 tún ń dín nínípọn kù, ṣùgbọ́n kò lè tún fírémù tó tóbi jù ṣe.

Ẹ lè ní lẹ́ńsì 48 yóò kéré lójú róbótó. Yóò kéré lóòótọ́, bí kò bá jẹ́ pé a wá fífẹ̀ náà síbòmíràn: sí àlàfo orí imú, àti sí igun ibi tí apá ti so mọ́ iwájú. Fírémù lódindi yẹ kí ó fẹ̀ tó ojú yín ní ìwọ̀n ẹ̀bátí. Àlàfo fífẹ̀ ní ewu tirẹ̀ fún ẹni tí imú rẹ̀ kò ga, nítorí fírémù oníke tí a kò lè tún ibi tó fi jókòó sórí imú ṣe yóò máa yọ̀ wálẹ̀. Ẹ mú èyí tó ní pẹlẹbẹ kékeré méjì tí a lè tẹ̀ sórí imú, kí ẹ sì tẹrí ba, kí ẹ rẹ́rìn-ín kí ẹ tó sanwó. Bí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá gun ẹ̀rẹ̀kẹ́ nígbà tí ẹ bá rẹ́rìn-ín, ẹ dá a padà.

Ní ti kóòtù, bàtà, bẹ́líìtì àti aago ni mo fi ń yan àwọ̀. Bí wọ́n bá dúdú pẹ̀lú irin fàdákà, àwọ̀ eérú tó ṣú ni mo gbà. Bí wọ́n bá jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀, ẹ mú àwọ̀ ẹ̀yìn ìjàpá. Fírémù dúdú kirikiri tó nípọn kò tẹ́ mi lọ́rùn, ó ń ṣáájú mi wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ra èyí tí kò ní etí nísàlẹ̀, nítorí gbogbo nínípọn lẹ́ńsì ni yóò hàn síta.

Ti oòrùn ń fẹ́ kí ènìyàn mú èyí tó tóbi tó sì tẹ̀ yí ojú ká. Bí nọ́ḿbà yín yóò bá wà nínú rẹ̀, ẹ mú èyí tí iwájú rẹ̀ tẹ́jú, nítorí èyí tó tẹ̀ gan-an máa ń sọ etí ìríran di wíwọ́ fún irú wa. Ẹ wá UV400 lára rẹ̀, àmì pé ó ń dí ìtànṣán oòrùn tí a kò lè fi ojú rí, kí ẹ má sì fi ṣíṣókùnkùn lẹ́ńsì díwọ̀n ààbò: lẹ́yìn lẹ́ńsì dúdú, ọmọlójú máa ń fẹ̀ sí i, bí kò bá sì ní ààbò, ìtànṣán náà lè rí àyè wọlé.