Iye owó tí ọmọ máa kọ sínú lẹ́tà ìwáṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ mi obìnrin rí iṣẹ́ oníṣirò owó kan ní Tẹ́ksáàsì níbí. Wọ́n ní kó kọ iye owó tó ń retí sínú lẹ́tà ìwáṣẹ́ gan-an. Ó ní òun ò ní kọ nǹkan kan. Èmi ní kó kọ iye tó ń gbà báyìí, dọ́là 28 ní wákàtí kan. Èwo ni ká ṣe?

Àbúrò mi, kò sẹ́ni tó jàre nínú ẹ̀yin méjèèjì. Bí kò bá kọ ọ́, ẹni tó ń ka lẹ́tà lè jù tiẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí ohun tí wọ́n ní kó ṣe ni kò ṣe. Ṣùgbọ́n iye tó ń retí ni wọ́n bèèrè, wọn ò bèèrè iye tó ń gbà. Ní Kalifọ́níà lọ́dọ̀ tiwa, láti 2018 ni òfin ò ti jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ bi èèyàn ní iye tó ń gbà tẹ́lẹ̀. Bí onítọ̀hún bá wá fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́, wọ́n lè fi díwọ̀n owó tí wọ́n máa fún un.

Wo 28 yẹn. Wákàtí 2,080 ni wọ́n ń ka ọdún iṣẹ́ sí níbí, torí náà 58,240 ló ń gbà lọ́dún. O lè rò pé tí wọ́n bá fún un ní 62,000, ó ti jẹ. Ọmọ ọdún mélòó ni? Tó bá ti pé 26, kò lè sá sábẹ́ ìṣọ́ránsì ìlera tìrẹ mọ́. Ká ní ibi iṣẹ́ tuntun ń yọ 150 fún ìṣọ́ránsì lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ìgbà 26 lọ́dún, 3,900 ti lọ nìyẹn. Ó ku 58,100. Ó tiẹ̀ fi díẹ̀ rẹlẹ̀ sí ibi tó ti kúrò!

Lórí bls.gov, ìjọba to owó àwọn oníṣirò owó láti kékeré sí ńlá, ìlú sí ìlú. Ká ní ọgọ́rùn-ún wọn tò sórí ìlà, kó wo iye tí ẹni tó wà ní ipò 25 láti ìsàlẹ̀ ń gbà àti iye tí ẹni tó wà ní ipò 50 ń gbà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọdún méjì tàbí mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ lè mú ìsàlẹ̀ tiẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ká ní ó já sí 66,000, kó kọ 66,000 sí 72,000, kó má fẹ̀ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ mi ọkùnrin kọ 50,000 sí 75,000 nígbà kan, 51,000 ni wọ́n fi lọ̀ ọ́. Ta ló fẹ́ bá jà? Ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi kọ ọ́.

Gbólóhùn kan ti tó, nítòsí ìparí lẹ́tà, ní Gẹ̀ẹ́sì tiẹ̀: owó ọdún tí mò ń retí, kí a tó yọ owó orí, wà láàárín 66,000 sí 72,000 dọ́là; a lè jọ sọ ọ́ tí mo bá mọ bí ìṣọ́ránsì àti owó ìfẹ̀yìntì yín ṣe rí. Kó má bá wọn sọ̀rọ̀ owó ilé o. Tí ìpolówó náà bá sì ti kọ iye tí wọ́n máa san, inú iye yẹn ni kó ti mú tiẹ̀.