Kọ̀ǹpútà tó ń gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù ara rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Èmi ni mo ń bójú tó lábù kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ kan. Ogún kọ̀ǹpútà Windows 11 ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn wà lórí dòméènì kan ṣoṣo, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí sáfà wa ń ṣàkóso. Ní 4 oṣù Kẹsàn-án 2025, a kó wọn sórí dòméènì, lọ́jọ́ yẹn náà la sì fi sọ́fíwíà tó ń dì dísíkì sí wọn lára, kí ohunkóhun tí ọmọ bá bàjẹ́ lè pa rẹ́ tí a bá tún un tàn. Ó ń lọ dáadáa. Ní Mọ́ńdè 6 oṣù Kẹwàá àti ọjọ́ kejì rẹ̀, mẹ́sàn-án nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "The trust relationship between this workstation and the primary domain failed". Mo yọ wọ́n kúrò lórí dòméènì, mo tún dá wọn padà, ó ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kọkànlá, ó tún ṣẹlẹ̀. Kí ni mò ń ṣe tí kò dára?

Ìdáhùn: Déètì tí ẹ kọ yẹn ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Láti 4 oṣù Kẹsàn-án sí 4 oṣù Kẹwàá, ọgbọ̀n ọjọ́ géérégé ni. Sátidé ló bọ́ sí, lábù yín wà ní títì, nítorí náà wàhálà dúró di àárọ̀ Mọ́ńdè kó tó yọjú.

Kì í ṣe àwọn òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló ní páásíwọ́ọ̀dù lórí dòméènì. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ní tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ kó LAB-07 (ẹ jẹ́ kí n pe ọ̀kan nínú wọn bẹ́ẹ̀) sórí dòméènì, sáfà ṣí àkáǹtì fún un, àwọn méjèèjì sì jọ ní páásíwọ́ọ̀dù kan tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀. Kí sáfà tó yẹ orúkọ ọmọ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà wò, LAB-07 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀ hàn. Bí kò bá bá èyí tó wà lọ́wọ́ sáfà mu, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó tẹ páásíwọ́ọ̀dù tó péye fi ń rí ìkìlọ̀ náà. Ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ náà kọ́.

Ní gbogbo ọgbọ̀n ọjọ́, kọ̀ǹpútà máa ń pàrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù yìí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ ìpàrọ̀ náà, sáfà kì í fi ipá mú un. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí àwọn ènìyàn máa ń sọ pé kọ̀ǹpútà tó pẹ́ nínú àpótí ni ìfọkàntán àárín òun àti sáfà, ìyẹn "trust relationship" inú ìkìlọ̀ yẹn, máa ń bàjẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ẹ pa fún oṣù mẹ́fà yóò wọlé wẹ́rẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá tàn án, bí ẹnikẹ́ni kò bá ti pa àkáǹtì rẹ̀ rẹ́ lórí sáfà, nítorí páásíwọ́ọ̀dù tó sùn pẹ̀lú rẹ̀ náà ló ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí LAB-07. Ní Mọ́ńdè yẹn, wọ́n tàn án, ó rí i pé páásíwọ́ọ̀dù òun ti ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ, ó ṣe tuntun, ó fún sáfà ní ẹ̀dà kan, ó kọ ìkejì sórí dísíkì ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa á tí wọ́n tún un tàn, sọ́fíwíà yín ṣe iṣẹ́ tí ẹ gbà á fún: ó pa gbogbo ohun tí a kọ sórí dísíkì láti ìgbà tí ẹ ti dì í rẹ́, títí kan páásíwọ́ọ̀dù tuntun náà. LAB-07 jí pẹ̀lú ti oṣù Kẹsàn-án lọ́wọ́, sáfà sì ti gba ti oṣù Kẹwàá. Ó lè má bàjẹ́ ní àtúntàn àkọ́kọ́, àmọ́ lẹ́yìn bí ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì sí i, ó dájú. Àwọn mọ́kànlá tó kù nínú lábù yín, mo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé a kò tàn wọ́n lọ́sẹ̀ yẹn tó bẹ́ẹ̀ ni.

Ohun tí ẹ ń ṣe, ìyẹn yíyọ kúrò àti dídá padà, ń ṣiṣẹ́ nítorí ó ń fún kọ̀ǹpútà àti sáfà ní páásíwọ́ọ̀dù tuntun. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti dì í padà, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀ kíka ọgbọ̀n ọjọ́ mìíràn. Ẹ̀ ń fi apẹ̀rẹ̀ pọn omi ni.

Kí ẹ má baà gba ọ̀rọ̀ mi láìwádìí, ẹ lọ sórí sáfà kí ẹ tẹ èyí nínú PowerShell:

```
Get-ADComputer LAB-07 -Properties PasswordLastSet
```

Ẹ fi ọjọ́ tó bá jáde wé ọjọ́ tí ẹ dì dísíkì náà kẹ́yìn. Bí ti sáfà bá fi nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́ wà lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ dì í, ìdáhùn ti jáde. Lórí kọ̀ǹpútà tó ń ṣàìsàn, ẹ ó rí NETLOGON 3210 nínú Event Viewer. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó kí ẹ tó tún un tàn, torí dísíkì dídì ń gbàgbé àkọsílẹ̀ náà.

Àtúnṣe wá. Ẹ kọ́kọ́ tú dísíkì náà sílẹ̀ kó lè máa pa nǹkan mọ́, nítorí àtúnṣe tí ẹ bá ṣe lórí dísíkì dídì kì í kọjá alẹ́ ọjọ́ yẹn. Kí ẹ wọlé, ẹ lo àkáǹtì tó jẹ́ ti kọ̀ǹpútà náà gan-an, kì í ṣe ti dòméènì. Ẹ kọ `.\Administrator` síbi orúkọ (tàbí orúkọ tí ẹ fún un). Àmì kékeré iwájú yẹn ló ń sọ fún Windows pé kó má lọ béèrè lọ́wọ́ sáfà. Àwọn kan máa ń yọ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí wọ́n tó wọlé pẹ̀lú orúkọ dòméènì wọn, nítorí Windows máa ń rántí ẹni mẹ́wàá tó wọlé kẹ́yìn. Ọgbọ́n rere ni, àmọ́ nínú lábù tiyín, ẹni tó wọlé kí ẹ tó dì í nìkan ló máa rántí.

Ẹ wo aago kọ̀ǹpútà náà. Bí ó bá fi ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ yàtọ̀ sí ti sáfà, wàhálà mìíràn nìyẹn, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó tẹ̀síwájú. Ẹ rí i pé sáfà yín ni DNS rẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́, kì í ṣe 8.8.8.8 ti Google. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Windows PowerShell gẹ́gẹ́ bí alábòójútó. Ẹ lo èyí tó bá Windows wá fúnra rẹ̀, nítorí àṣẹ yìí kò sí nínú PowerShell 7:

```
Test-ComputerSecureChannel -Verbose
Test-ComputerSecureChannel -Repair -Credential (Get-Credential)
```

Ìlà àkọ́kọ́ yóò sọ `False`. Ìkejì yóò béèrè orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù ẹni tó ní àṣẹ lórí àkáǹtì kọ̀ǹpútà yẹn. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú orúkọ dòméènì níwájú. Bó bá sọ `True`, ó parí. Kò sí ìdí láti yọ ọ́ kúrò lórí dòméènì.

Bó bá kọ̀, ẹ wo sáfà bóyá àkáǹtì LAB-07 ṣì wà. Bí ẹnìkan bá ti pa á rẹ́ nígbà tó ń gbá ilé mọ́, ìkìlọ̀ tí ẹ máa rí sábà máa ń jẹ́ "The security database on the server does not have a computer account for this workstation trust relationship". Ìgbà yẹn ni ẹ lè máa ronú dídá a padà sórí dòméènì. Ẹ dánwò páásíwọ́ọ̀dù `.\Administrator` ṣáájú kí ẹ tó yọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan yọ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì owó kúrò lórí dòméènì, ó tún un tàn, ó wá rí i pé kò sí ẹni tó rántí páásíwọ́ọ̀dù ti kọ̀ǹpútà náà. Gbogbo àárọ̀ ló fi ṣí ilẹ̀kùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ tì. Ẹ má sì jẹ́ kí "Reset Account" tó wà lórí sáfà tàn yín jẹ. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ń yí padà, ẹ gbọ́dọ̀ tún kó kọ̀ǹpútà náà sórí dòméènì lẹ́yìn rẹ̀.

Èyí tó máa dá a dúró kó má padà wá ni pé kí ẹ sọ fún àwọn kọ̀ǹpútà lábù kí wọ́n má ṣe pàrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù mọ́. Ẹ kó ogún náà sínú OU kan, ìyẹn àpò àkáǹtì lórí sáfà, tó jẹ́ tiwọn nìkan, kí ẹ so Group Policy kan mọ́ ọn, kí ẹ sì tan èyí, tó wà lábẹ́ Security Options:

```
Domain member: Disable machine account password changes = Enabled
```

Ẹ ṣe é nígbà tí dísíkì ṣì wà ní títú sílẹ̀. Ẹ tẹ `gpupdate /force`, ẹ tún un tàn, ẹ fi `Test-ComputerSecureChannel` yẹ̀ ẹ́ wò, ìgbà tó bá sọ `True` ni kí ẹ tó dì í. Bí ẹ bá dì í kí òfin náà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, lójoojúmọ́ ni kọ̀ǹpútà yóò máa jí láìmọ̀ ọ́n, yóò sì máa gbìyànjú láti pàrọ̀ kí òfin tó bá a.

Ẹ má ṣe ṣe é fún gbogbo dòméènì. Páásíwọ́ọ̀dù tí kò yí padà mọ́ ń wúlò títí lọ fún ẹni tó bá jí dísíkì kan gbé. Lábù nìkan ni kó ní irú òfin yìí. Ní ìsinmi sáà kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ẹ bá tú wọn sílẹ̀ láti fi àfikún Windows sí wọn, ẹ fi ọwọ́ pàrọ̀ ọ́, kí ẹ tó dì wọ́n padà:

```
Reset-ComputerMachinePassword -Credential (Get-Credential)
```

Ní ti mẹ́sàn-án tó ti bàjẹ́ báyìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kan ṣoṣo, kí ẹ dì í, kí ẹ tún un tàn ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta léraléra, kí ẹ tó fọwọ́ kan ìyókù.