Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àbí ọjọ́ mẹ́rìnlá: ẹ wo ibi ọjọ́ dáadáa

"Ẹ jọ̀ọ́, àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù fi nótíìsì ránṣẹ́ sí ímeèlì mi, wọ́n ní kí n tú u sí Yorùbá fún àwọn ìyá ọlọ́jà. Ṣáàlì àti mé òyìnbó ló kún inú ẹ̀. Kí ni mo máa ṣe tí mi ò fi ní yí ohun tó kan kálukú padà?"

Ẹ̀gbọ́n, ibi ọjọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò o. Irú nótíìsì báyìí ni wọ́n fi ti ṣọ́ọ̀bù màmá mi pa ní Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Òyìnbó ẹ̀ ní kí wọ́n san owó tó kù láàárín ọjọ́ 14 sí ọjọ́ tí wọ́n bá gba lẹ́tà, sékítírì wọn wá kọ "láàárín ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún". Mọ́ńdè ọjọ́ kìíní oṣù ni lẹ́tà dé. Màmá ka Mọ́ńdè yẹn mọ́ ọn bá a ṣe ń ka ọjọ́ ọjà, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún bọ́ sí Mọ́ńdè ọjọ́ 15, ìyẹn ló sì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n àbúrò mi tówó wà lọ́wọ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti Túsìdeè, ó fi fóònù kà á, ó ní Túsìdeè ọjọ́ 16 ló pé, ló bá fọkàn balẹ̀. Ní Túsìdeè yẹn láàárọ̀ la bá àgádágodo lẹ́nu ilẹ̀kùn, tòmátì ń jẹrà nínú ilé. Ọ̀gá tó wà lọ́fíìsì ò tiẹ̀ gbójú sókè, gúgúrú ló ń jẹ, ó ní ọjọ́ 14 lòyìnbó wí, àná ló parí. Ṣé òyìnbó ni wọ́n fún màmá ni?

Ẹ má sì rò pé tẹ́ ẹ bá kọ "ọjọ́ mẹ́rìnlá" ó ti parí o. Àgbà tó bá ka ọjọ́ tí lẹ́tà dé mọ́ ọn máa pè é ní Sọ́ńdè ọjọ́ 14, ẹ ti gba ọjọ́ kan lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn. Ẹ bi ẹni tó kọ ọ́, ọjọ́ wo gan-an ló parí sí, kó fẹnu ara ẹ̀ sọ, kẹ́ ẹ kọ orúkọ ọjọ́ náà pẹ̀lú déètì. Tó bá jẹ́ pé kálukú ló ní ọjọ́ tó máa gbà á, tó sì ní òun ò ka ọjọ́ yẹn, ẹ kọ ọ́: "ọjọ́ mẹ́rìnlá, a ò ka ọjọ́ tí lẹ́tà dé mọ́ ọn". Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa bá a pinnu ẹ̀.

Ṣáàlì, "gbọ́dọ̀" ni. Ẹ má fi "ẹ jọ̀ọ́" kún un torí ọ̀wọ̀, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n máa gbọ́. Ti mé yẹn, sékítírì wa kọ "a máa ti ṣọ́ọ̀bù", ẹ̀rù ba àwọn kan, wọ́n sáré lọ yá owó èlé, bẹ́ẹ̀ ohun tí òyìnbó wí ni pé wọ́n láṣẹ láti tì í tó bá wù wọ́n. "A ní àṣẹ láti tì í" ni kẹ́ ẹ kọ. Tí wọ́n bá tún ní àwọn máa gbìyànjú láti tún pọ́ńpù omi ṣe, ẹ fi "gbìyànjú" yẹn sílẹ̀ síbẹ̀, torí ẹ̀yin làwọn ìyá máa wá bá tí omi ò bá yọ.