Ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ilé iṣẹ́ gààrí

"Ẹ̀yin àgbà, wọ́n ní kí n wá fi ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣàlàyé iṣẹ́ gààrí mi fún àwọn tó fẹ́ fi owó sí i. Odògbolú ni mo wà. Èyí tí mo kọ ń gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí ni kí n yọ kúrò?"

Ìkíni ni kí ẹ kọ́kọ́ dín kù. Nígbà tèmi, ní gbọ̀ngàn kan n'Íjẹ̀bú-Òde, aago fóònù ti sọ 2:50 fún mi nígbà tí mo dán ọ̀rọ̀ mi wò nílé, ọkàn mi balẹ̀. Mo gorí pèpéle, mo rí olóyè méjì níwájú, ojú tì mí láti má kí wọn. Mo bá kí olóyè, mo kí ìyálọ́jà, mo ní ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àpéjọ. Ìyàwó mi ló fi fídíò rẹ̀ hàn mí lẹ́yìn náà: ìṣẹ́jú àáyá 40 ti lọ kí n tó dárúkọ gààrí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sọ iye tí mo ń wá ni agogo lù. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, mo jókòó, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní nǹkan kan.

Ohun kejì tó jẹ àkókò mi ni bí a ṣe ń bó ẹ̀gẹ́, bí a ṣe ń lọ̀ ọ́, bí a ṣe ń fi jáàkì fún un, títí dé agbada. Ta ni kò mọ̀ ọ́n n'Íjẹ̀bú? Ibi tí iṣẹ́ yín ti ń há gan-an ni wọn ò mọ̀. Ká sòótọ́, èmi náà ò mọ̀ ọ́n nígbà yẹn: ẹ̀rọ ìlọ-ẹ̀gẹ́ tó tóbi ni mo lọ ń tọrọ owó fún. Mo délé, mo jókòó ti iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú òṣùwọ̀n àti ìwé. Ẹ̀rọ wa ń lọ tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ kan tán láàárín wákàtí méjì, gààrí tó sì ń jáde nínú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kílò 220. Ṣùgbọ́n agbada mẹ́rin péré la ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yan nǹkan bíi kílò 40 lójúmọ́. 160 nìyẹn. Èyí tó kù ń dúró nínú àpò, ó ń kan ju ọjọ́ mẹ́rin tí a fẹ́ lọ, ìyá tó ń rà á lọ́wọ́ wa sì ti ń yínmú sí i. Ẹ̀rọ ńlá ì bá kàn fi kún àpò tó ń dúró ni.

Nítorí náà, bí mo ṣe tún un kọ nìyí. Láti 0:00 dé 0:15: "Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ilé pátá. Gààrí Ìjẹ̀bú ni mo ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Igbó." Ó tán. Owó tí mo ń wá ni mo gbé tẹ̀lé e, kó tó di 0:30: "Mílíọ̀nù méjì ó dín díẹ̀ ni mo ń wá, fún agbada mẹ́ta àti abà wọn." Ìwé tí mo há sí wọn lọ́wọ́ ló gbé ₦1,800,000 náà kalẹ̀ bó ṣe rí, ẹ gbìyànjú láti ka irú iye bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá pọ́nbélé lórí pèpéle, kí ẹ wo bí aago ṣe ń sáré.

Ìtàn àpò tó ń dúró gba ìṣẹ́jú kan, dé 1:30, òun sì ni mo sọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ jù. Ìṣirò ló tẹ̀lé e, dé 2:30: láti kílò 160 a ó bọ́ sí 260 lójúmọ́. (Agbada méje lè yan 280, ṣùgbọ́n àìsàn ń bẹ, ìnáwó náà ń bẹ.) Kílò 100 tó lé, lọ́nà ogúnjọ́ lóṣù, jẹ́ 2,000. ₦120 ló ń kù fún mi lórí kílò kan nígbà yẹn, lẹ́yìn owó ẹ̀gẹ́, igi, ọkọ̀ àti owó àwọn tó ń yan; ₦240,000 lóṣù. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti olówó, oṣù 15 ni owó rẹ̀ yóò fi pé. Gbólóhùn yìí ni mo fi parí ní 2:40. Ogún ìṣẹ́jú àáyá tó kù, mi ò kọ nǹkan kan sí i, nítorí àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, ọ̀fun á gbẹ.

Lọ́tẹ̀ yìí, ìbéèrè wá. Bàbá kan ní, "Bí ẹ̀gẹ́ bá wọ́n ńkọ́?" Ẹ múra sílẹ̀ fún un, àmọ́ ẹ má fi sínú ìṣẹ́jú mẹ́ta yín. Kílò ẹ̀gẹ́ mẹ́rin àtààbọ̀ ló ń di kílò gààrí kan lọ́dọ̀ wa, nítorí náà bí ₦10 bá gorí kílò ẹ̀gẹ́, ₦45 ló ń jẹ nínú ₦120 mi bí ọjà ò bá gbowó lórí. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀. Mo ní oṣù 15 yẹn á di 24. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí n wá rí òun lọ́jọ́ Ajé.