Owó Bàtà Tí Ẹ Dá Padà, Àkáǹtì Ta Ló Máa Wọ̀?

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra bàtà àti ẹrù méjì mìíràn lórí Temu, káàdì àbúrò mi ni mo sì fi sanwó. Bàtà náà há mi lẹ́sẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa dá a padà láti Abẹ́òkúta níbí, ibo sì ni owó mi máa wọlé sí?* Ìyá Ìbejì, Àdìgbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì wọ bàtà náà jáde, torí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti dọ̀tí, wọ́n lè kọ̀ ọ́. Ẹ ṣí ọjà tí ẹ rà nínú áàpù, ẹ tẹ Return/Refund, kí ẹ mú bàtà nìkan. Ọjọ́ 90 ni wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọjà, ọjọ́ tí ẹ rà á ni wọ́n sì ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tó tẹ̀ yín lọ́wọ́. Tí ẹ bá tún fẹ́ dá òmíràn padà nínú ẹrù yẹn, ẹ pa wọ́n pọ̀: ìgbà àkọ́kọ́ nìkan ni wọn kì í gba owó ìfiránṣẹ́.

Wọ́n máa béèrè ìdí. Ẹ mú èyí tó sọ pé ó kéré jù. Àwọn kan máa ń mú “ó bàjẹ́” kí owó lè tètè jáde, ṣùgbọ́n fọ́tò ibi tó bàjẹ́ ni wọ́n máa béèrè, bàtà yín kò sì ní àbùkù kankan.

Lẹ́yìn èyí, ẹ máa rí ọ̀nà tó wà fún àdírẹ́sì yín: kí ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gbà á, tàbí kí wọ́n wá gbé e nílé. Bó bá jẹ́ tilé, ẹ kọ nǹkan tí gbogbo ayé mọ̀ ládùúgbò mọ́ àdírẹ́sì, kí fóònù yín sì wà ní títàn. Ẹ ya bébà àdírẹ́sì àtijọ́ kúrò lára páálí, kí ẹ lẹ tuntun. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ yín lọ láìfún yín ní rìsíìtì tó ní nọ́ńbà.

Ọ̀rọ̀ owó gan-an ló gba sùúrù. Tí ẹ bá mú Original payment method, àkáǹtì àbúrò yín ló máa padà sí. Kò sí bí ẹ ṣe lè yí i sí tiyín. Kódà bí káàdì náà bá ti kú, tí àkáǹtì bá ṣì wà, owó á wọlé. Ọ̀nà kejì ni kí ó di owó inú áàpù. Ìyẹn yá jù, àmọ́ ọjà ni ẹ máa fi rà. Èmi ò ní mú un, àfi tí ẹ bá ti ní nǹkan mìíràn lọ́kàn.

Iye rẹ̀ náà lè yàtọ̀ sí ohun tí ẹ ń retí. Ká ní ẹrù mẹ́ta yẹn jẹ́ ₦30,000, tí wọ́n yọ ₦6,000 ẹ̀dínwó, tí bàtà jẹ́ ₦15,000 nínú rẹ̀. Ìdajì ẹ̀dínwó ti wà lórí bàtà, nítorí náà ₦12,000 ni ẹ máa rí. Kí àbúrò yín wá iye yẹn gan-an nínú sítétímẹ́ǹtì, torí álẹ́ẹ̀tì lè má wọlé.

Báǹkì lè lo ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà mìíràn ó máa ń tó oṣù kan. Bí áàpù bá ní àwọn ti san án, tí ẹ ò rí i, ẹ gba nọ́ńbà ARN, èyí tí báǹkì fi ń tọpa owó, lọ́wọ́ wọn. Àbúrò yín ló máa mú un lọ sí báǹkì, torí wọn ò ní dá yín lóhùn lórí àkáǹtì ẹlòmíràn.